Àga Méjì Tí Ó Ṣófo

Ìbéèrè kan wà tí kò fi ọkàn mi sílẹ̀ láti ọdún 2012. Bí akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì bá pàdánù ìdánwò nítorí pé ikú wọlé wọn, tí olùkọ́ sì fún un ní ìdánwò mìíràn, ṣé àánú ni olùkọ́ náà ṣe é ni, àbí gbèsè ni ó san? Ẹ̀yin òǹkàwé lè ní kí ni ìyàtọ̀, ṣebí ọmọ ṣáà ti ṣe ìdánwò rẹ̀. Ìyàtọ̀ ńlá ni. Ẹni tí a fẹ́ ṣàánú fún, òun ni yóò wá bẹ̀bẹ̀. Ẹni tí a jẹ ní gbèsè, àwa ni ó yẹ kí á wá a lọ sí ilé rẹ̀. Èmi kò mọ ìyàtọ̀ yìí nígbà náà, àìmọ̀ mi sì ba ayé ọmọ ọlọ́mọ jẹ́ díẹ̀. Ẹ jókòó kí n sọ bí ó ti ṣẹlẹ̀.

Àpáta ni mo ń gbé, kò jìnnà sí Gọ́fúmẹ́ǹtì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1929. Ilé ẹ̀kọ́ gíga tí mo ti ń ṣiṣẹ́ kò sí ní Àpáta, n kò sì ní dárúkọ rẹ̀. Jọ́gíráfì ni mo ń kọ́ wọn, ẹ̀kọ́ nípa ilẹ̀ àti erùpẹ̀ ni ó sì wà ní ìkáwọ́ mi fún àwọn ọlọ́dún kẹrin. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ni a ṣe ìdánwò ẹ̀kọ́ yìí, ní agogo mẹ́sàn-án òwúrọ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, mo jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi, mo ń gbọ́ bí àwọn ọkọ̀ agbépo ṣe ń fun fèrè lójú ọ̀nà Abẹ́òkúta, ni ẹnìkan kan géètì.

Ọmọbìnrin kan ni, ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi, òun àti bàbá àgbàlagbà kan tí ó dé fìlà dúdú. Ọmọ náà kúnlẹ̀. Bàbá náà ní, "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, Dókítà. Ẹ má bínú pé ilé ni a bá yín wá. Àwa náà, Àpáta níbí la wà. Ọ̀fọ̀ ló ṣẹ̀ wá."

Mo ní kí wọ́n jókòó. Mo bi ọmọ náà léèrè ohun tí ó ṣẹlẹ̀.

Ó ní, "Ìyá mi ló kú, sà. Lóru ọjọ́ Àìkú."

Mo kí wọn kú àfẹ́kù. Ṣùgbọ́n bí mo ti ń kí wọn, nǹkan kan ń rìn mí nínú. Mo rántí pé ní ọdún tí ó ṣáájú, ọmọ yìí kan náà mú fọ́ọ̀mù kan wá kí n fọwọ́ sí i, mo sì rí i lórí rẹ̀ pé màmá rẹ̀ wà ní Èkó, ó ń ta aṣọ. Mo ní, "Màmá tí ó wà ní Èkó yẹn ńkọ́?"

Ó wolẹ̀. Ó ní, "Ìyẹn ló bí mi, sà. Èyí tí ó kú yìí ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin. Ọmọ ọdún méjì ni mo wà tí wọ́n ti mú mi. Mi ò mọ bí mo ṣe lè pè wọ́n ní orúkọ mìíràn."

Bàbá náà dá sí i. Ó ní òun ni àbúrò olóògbé, pé ọmọ yìí nìkan ni ó wà nílé pẹ̀lú rẹ̀ lóru náà, pé òun ni ó wá ọkọ̀ tí ó gbé e dé ilé ìwòsàn, òun náà ni ó sì dúró títí wọ́n fi gbé òkú lọ sí mọ́ṣúárì. Ó ní wọn kò tíì mú ọjọ́ ìsìnkú, ó di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí i. Ó wá dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí sìmẹ́ǹtì mi. Àgbàlagbà tí ó jù mí lọ! Mo sáré gbé e dìde. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé bí àgbà bá dọ̀bálẹ̀ fún ọmọdé nínú ilé ọmọdé, ọ̀rọ̀ ti bùṣe.

Mo sọ fún ọmọ náà pé kí ó wá sí ọ́fíìsì mi ní ọjọ́ Ẹtì. Ó wá. Mo kọ ìbéèrè mẹ́rin fún un, ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ tábìlì mi fún wákàtí méjì, ó sì dáhùn wọn. Nígbà tí ó parí, mo fi ìwé ìdáhùn rẹ̀ sáàárín ti àwọn yòókù. Ìṣòro kan ṣoṣo ló kù. Ní gbogbo gbọ̀ngàn ìdánwò, ìwé kan wà tí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan ń fọwọ́ sí láti fi hàn pé òun jókòó. Mo mú ìwé náà jáde. Àyè méjì ni ó ṣófo lórí rẹ̀. Ọ̀kan jẹ́ ti ọmọ yìí. Èkejì jẹ́ ti ọ̀dọ́mọkùnrin kan. Mo ní kí ọmọbìnrin náà fọwọ́ sí tirẹ̀. Mo mú bírò pupa, mo fi fa ìlà sí iwájú orúkọ ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn: kò wá.

Ẹ wo ohun tí mo ṣe. Mo rí àga méjì tí ó ṣófo. Mo kún ọ̀kan nítorí pé wọ́n wá bẹ̀ mí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi. N kò bi ara mi léèrè ìdí tí èkejì fi ṣófo. Àní n kò tilẹ̀ ronú nípa rẹ̀.

Ó tó bí oṣù márùn-ún kí n tó gbọ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà wá forúkọ sílẹ̀ láti tún ẹ̀kọ́ náà ṣe, mo sì fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé, "Ìwọ lo sùn gbàgbé ìdánwò ọjọ́sí?" Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní, "Rárá sà. Bàbá mi ló kú láàárọ̀ ọjọ́ náà." Ìṣẹ́yìn ni wọ́n wà. Mùsùlùmí ni wọ́n. Wọ́n pè é lórí fóònù lẹ́yìn ìrun àárọ̀, wọ́n ní bí ó bá fẹ́ rí ojú bàbá rẹ̀, kí ó máa bọ̀, nítorí pé kí ìrun ìrọ̀lẹ́ tó pé, wọ́n yóò ti sin ín. Òun ni àkọ́bí. Ó lọ. Agogo mẹ́sàn-án lù nígbà tí ó wà nínú ọkọ̀.

Mo ní, "Kí ló dé tí o kò sọ fún mi?"

Ó ní, "Ẹ kò bi mí, sà. Mo rò pé ohun tó ti lọ ti lọ ni. Mi ò mọ̀ pé ènìyàn lè wá bẹ̀bẹ̀."

Àwọn àgbà ní ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìkìlọ̀ ni òwe yẹn jẹ́ fún ẹni tí ó dákẹ́, kì í ṣe àwáwí fún ẹni tí ó yẹ kí ó béèrè.

Ẹ jẹ́ kí n ṣírò ohun tí ìlà pupa yẹn gbà lọ́wọ́ ọmọ náà, kí ẹ lè mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ojú lásán. Ní ọ̀pọ̀ yunifásítì wa, ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ní yúníìtì tirẹ̀. Ẹni tí ó gba A ní máàkì márùn-ún lórí yúníìtì kọ̀ọ̀kan, B ní mẹ́rin, C ní mẹ́ta, bẹ́ẹ̀ ni ó ń lọ títí dé F tí ó jẹ́ òdo. A ó kó gbogbo máàkì jọ, a ó fi iye yúníìtì pín in. Ẹni tí tirẹ̀ bá tó 3.50 wà ní ipò kejì ti òkè, èyí tí àwọn ọmọ ń pè ní tuu-wọ́ọ̀nù. Bí kò bá tó o, ó di tuu-tuu, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ kì í sì ka ìwé ẹni bẹ́ẹ̀ dé ìsàlẹ̀.

Yàtọ̀ sí ẹ̀kọ́ tèmi, ọmọ yìí ti ṣe yúníìtì 117, ó sì ti kó máàkì 413 jọ. Ẹ pín in, 3.53 ni. Ọmọ tuu-wọ́ọ̀nù ni. Ẹ̀kọ́ mi jẹ́ yúníìtì mẹ́ta. Nígbà tí mo fún un ní F, máàkì dúró sí 413, ṣùgbọ́n yúníìtì di 120. Ẹ pín in, 3.44. Ó bọ́ sílẹ̀. Ẹ ó ní, ṣebí ó lè tún un ṣe? Ó tún un ṣe, ó sì gba A, tí ó jẹ́ máàkì 15. Ṣùgbọ́n ní ilé ẹ̀kọ́ tiwa, F àkọ́kọ́ kì í parẹ́, a ó máa kà á lọ ni. Nítorí náà yúníìtì di 123, máàkì di 428. Ẹ pín in, 3.48. Ó gba A, síbẹ̀ kò dé ibi tí ó wà kí bàbá rẹ̀ tó kú.

Ẹ wá wo ọ̀nà kejì. Ká ní a ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé àìsí rẹ̀ ní ìdí, tí a kò fún un ní F, tí ó wá ṣe ìdánwò náà ní ìgbà mìíràn, C lásán ì bá tó o. Máàkì mẹ́sàn-án lórí 413 jẹ́ 422. Ẹ fi 120 pín in, 3.52. Nígbà tí F bá wà nílẹ̀, A kò lè gbà á là. Nígbà tí kò bá sí F, C ti tó. Bẹ́ẹ̀ sì ni nítorí pé ọdọọdún ni a ń kọ́ ẹ̀kọ́ náà, ó jókòó sílé fún ọdún kan gbáko nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti lọ sìn ilẹ̀ baba wọn.

Níbí ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í ronú dáadáa. Kí ni F? Ẹ̀rí ni. Olùkọ́ ń jẹ́rìí pé a bi ọmọ yìí ní ìbéèrè, kò sì mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n a kò bi ọmọ yìí ní nǹkankan. Ibi isà òkú bàbá rẹ̀ ni ó wà. F tí mo fún un jẹ́ ẹ̀rí èké, bí ẹni tí ó lọ sí kóòtù tí ó lọ sọ ohun tí kò rí. Bí mo bá wá mú ẹ̀rí èké kúrò nínú ìwé ọmọlọ́mọ, àánú wo ni mo ṣe é? Òótọ́ ni mo dá padà sí ipò rẹ̀. Nítorí náà gbèsè ni, kì í ṣe àánú.

Ṣùgbọ́n ẹ dúró o. Ohun tí mo ṣe fún ọmọbìnrin yẹn ńkọ́? Ìyẹn náà, ẹ̀rí èké ni. Mo jẹ́ kí ó fọwọ́ sí i pé ó jókòó ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Olùkọ́ kò ní agbára láti dá ìdánwò sílẹ̀ fúnra rẹ̀ nínú ọ́fíìsì. Sẹ́néètì ni ó ni ìdánwò. Àánú mi fara pamọ́, ohun tí ó bá sì fara pamọ́, ẹni tí ó bá mọ ojú ilé rẹ nìkan ni yóò rí i jẹ. Ọmọbìnrin náà ní bàbá tí ó mọ ilé mi, ó sì ń gbé ní Àpáta. Ọmọkùnrin náà kò ní ẹnìkankan ní Ìbàdàn. Ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ kò ju ìyẹn lọ.

Ọ̀rọ̀ mìíràn tún wà, ìyẹn ni ta ni ẹbí? Ìwé òfin ilé ẹ̀kọ́ tiwa sọ pé òbí, ọkọ tàbí aya, ọmọ, àti ọmọ ìyá. Nípa òfin yìí, ọmọbìnrin tèmi kò ní ẹ̀tọ́, nítorí pé ẹ̀gbọ́n bàbá ni ẹni tí ó kú. Ẹni tí ó kọ òfin náà kò ronú ọ̀nà tí àwa Yorùbá ń gbà tọ́ ọmọ. Ìyá wa kì í ṣe ẹyọ kan. Ìyá tí ó bí ni, ìyá tí ó tọ́, ìyàwó bàbá, ìyá àgbà. Nígbà tí ọmọ bá sọ pé "ìyá mi kú" lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọdún mẹ́rin, olùkọ́ tí ó ń fi èdè Gẹ̀ẹ́sì ronú yóò ní irọ́ ni. Ó sì lè jẹ́ òótọ́ nígbà méjèèjì.

N kò sọ pé akẹ́kọ̀ọ́ kì í purọ́. Wọ́n ń purọ́. Ní 1990, olùkọ́ ìmọ̀ ohun abẹ̀mí kan ní Amẹ́ríkà, Máìkì Ádáàmùsì, ti Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ìlà-Oòrùn Kọnẹ́tíkọ́ọ̀tì, kọ àpilẹ̀kọ ẹ̀fẹ̀ kan, ó ní òun ti kíyè sí i pé nígbà tí ìdánwò bá kù sí dẹ̀dẹ̀ ni ìyá àgbà àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń kú jù, pàápàá ti àwọn tí máàkì wọn kò dára. Àwọn olùkọ́ káàkiri ayé rẹ́rìn-ín sí i, èmi náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín yẹn wà lára ohun tí ó jẹ́ kí n bi ọmọbìnrin náà ní ọ̀rọ̀ bí ọlọ́pàá nígbà tí ó kúnlẹ̀ níwájú mi.

Mo wá rí i pé ìbéèrè tí ó yẹ kì í ṣe "Kí ni ó jẹ́ sí ọ?" nìkan. Èyí tí ó dára jù ni "Iṣẹ́ wo ni ikú náà gbé lé ọ lọ́wọ́?" Ta ni ó bá a nílé? Ta ni ó gbé e lọ sí ilé ìwòsàn? Ta ni kò lè ṣàìsí níbi ìsìnkú? Ẹni tí ó ń purọ́ máa ń ní orúkọ ẹbí tí ó súnmọ́, ṣùgbọ́n kì í ní iṣẹ́ kan tí ó ṣe. Ẹni tí ọ̀rọ̀ ká mọ́ yóò sọ fún ọ, láìjẹ́ pé o fà á lẹ́nu, pé aṣọ báyìí ni wọ́n fi bo òkú, pé ọkọ̀ báyìí ni ó gbé e, iye owó báyìí ni wọ́n gbà.

Ọ̀rọ̀ ìwé ẹ̀rí náà gba ìfarabalẹ̀. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ ń béèrè ìwé ẹ̀rí ikú tàbí pósítà òkú. Láti ọdún 1992 ni Òfin 69 ti sọ ìforúkọsílẹ̀ ìbí àti ikú di dandan ní Nàìjíríà, Àjọ Ètò Ìkànìyàn sì ni ó ń ṣe é. Ṣùgbọ́n ta ni nínú wa tí ó máa ń sáré lọ forúkọ òkú sílẹ̀ kí omijé tó gbẹ? Onígbàgbọ́ tí ó gbé òkú sí mọ́ṣúárì yóò ní rìsíìtì, yóò ní pósítà, yóò ní ìwé ètò ìsìnkú aláwọ̀ mèremère. Mùsùlùmí tí ó sin bàbá rẹ̀ ní ọjọ́ kan náà lè máà ní bébà kankan rárá. Bí a bá ní kò sí bébà kò sí ikú, ẹ̀sìn kan nìkan ni a ń gbàgbọ́. Ìwé kúkúrú láti ọwọ́ ìmáàmù, tàbí baálẹ̀, tàbí nọ́ńbà fóònù àgbà ilé kan, yẹ kí ó tó.

Bákan náà ni ọ̀rọ̀ àkókò. Òfin tí ó ní kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ ìwé kí ìdánwò tó bẹ̀rẹ̀ dára fún ẹni tí ìsìnkú rẹ̀ wà ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí i. Kò wúlò fún ẹni tí wọ́n pè ní ìdájí. Ẹ tún wò ó dáadáa: nínú àwọn ọmọ méjèèjì tèmi, ọmọkùnrin tí kò bẹ̀bẹ̀ ni ẹjọ́ rẹ̀ le jù. Kò sí bí ó ṣe lè wà ní Ìṣẹ́yìn kí ó tún wà ní gbọ̀ngàn ìdánwò.

Láti ìgbà náà ni mo ti yí ọwọ́ padà, títí mo fi fẹ̀yìn tì. Àkọ́kọ́, ọjọ́ tí a bá ṣe ìdánwò ni mo máa ń mú ìwé ìfọwọ́sí, mo ń pe gbogbo ẹni tí àyè rẹ̀ ṣófo, mo ń bi wọ́n pé, "Kí ló ṣẹlẹ̀?" Kò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Òmíràn á ní òun sùn lọ, òun kò sì ní ẹjọ́. Òmíràn á sunkún.

Èkejì, bí ẹnikẹ́ni bá wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi, n ó kí i, n ó fún un lómi mu, n ó sì ní kí ọmọ lọ kọ ọ́ sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu kì í dé Sẹ́néètì. Ìwé náà kò gbọdọ̀ gùn: orúkọ, nọ́ńbà mátíríìkì, ẹ̀kọ́ àti ọjọ́ ìdánwò, ẹni tí ó kú àti ohun tí ó jẹ́ sí i, ọjọ́ tí ó kú, iṣẹ́ tí ó já lé ọmọ náà léjìká, ọjọ́ tí ó lè ṣe ìdánwò, àti nọ́ńbà ẹnìkan tí a lè pè. Kò sí "mo fi ẹsẹ̀ yín bẹ̀ yín" nínú rẹ̀. Ìwé tí ọ̀kan kọ sí mi rèé, mo ti yọ orúkọ kúrò:

"Sà, n kò lè ṣe ìdánwò ọjọ́ Ajé nítorí pé ìyá ìyá mi, ẹni tí ó tọ́ mi dàgbà, kú ní ọjọ́ Àbámẹ́ta. Èmi ni mo ń tọ́jú wọn. A sin wọ́n ní ọjọ́ Àìkú, mo sì gbọ́dọ̀ dúró títí di àdúrà ọjọ́ kẹta. Mo lè ṣe ìdánwò láti ọjọ́ Ẹtì. Ìwé ìmáàmù wà nínú èyí. Mo bẹ̀ yín kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé àìsí mi ní ìdí."

Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn ni ó ṣe pàtàkì jù. Kí ọmọ tó béèrè ìdánwò mìíràn, kí ó kọ́kọ́ béèrè pé kí wọ́n má ṣe kọ F. Ìwé náà yóò gba ọ̀dọ̀ olùkọ́ lọ sí ọ̀dọ̀ olùdámọ̀ràn kíláàsì, sí ọ̀gá ẹ̀ka, sí Díìnì, lẹ́yìn náà sí ìgbìmọ̀ tí yóò gbé e lọ sí Sẹ́néètì. Ibi tí ó ti máa ń bàjẹ́ ni pé ìwé á sùn lórí tábìlì ẹnìkan, èsì ìdánwò á sì ti kọjá ní Sẹ́néètì kí ó tó jí. Nítorí náà ẹ̀dà méjì ni kí ọmọ kọ, kí akọ̀wé lu òǹtẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ sára èyí tí yóò wà lọ́wọ́ rẹ̀. Òǹtẹ̀ yẹn ni yóò sọ̀rọ̀ fún un lọ́jọ́ tí ẹnìkan bá ní òun kò rí ìwé.

Ẹ̀kẹta, ìbéèrè ìdánwò kejì. Èyí tí mo kánjú kọ fún ọmọbìnrin yẹn rọrùn ju ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, mo mọ̀ ọ́n nínú ara mi. Àánú ni ó ń kọ ọ́. Láti ìgbà náà ni mo ti máa ń kọ ìbéèrè méjì pọ̀ ní ọjọ́ kan náà, kí n tó mọ ẹni tí yóò kú àti ẹni tí yóò ṣọ̀fọ̀, n ó sì ti ọ̀kan mọ́ inú dúrọ́ọ̀. Fún ìbéèrè onínọ́ńbà, ó rọrùn. Bí ti àkọ́kọ́ bá ní erùpẹ̀ tútù jẹ́ gíráàmù 50, tí ó di 40 nígbà tí ó gbẹ tán, omi inú rẹ̀ jẹ́ 10, tí í ṣe ìdá 25 nínú 100 erùpẹ̀ gbígbẹ. Nínú ìkejì n ó sọ ọ́ di 60 àti 48. Omi jẹ́ 12, ìdáhùn ṣì jẹ́ 25, iṣẹ́ kan náà sì ni. Ìbéèrè "ṣàlàyé" ni ó ṣòro, nítorí pé kò sí àlàyé méjì tí ó wúwo bákan náà. Mo máa ń fi méjèèjì han olùkọ́ mìíràn, n ó ní kí ó sọ èyí tí òun yóò yàn bí ó bá jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́. Bí kò bá lè yàn, wọ́n dọ́gba nìyẹn.

Ẹnìkan lè bi mí pé, bí ọmọ bá wá tàn ọ́ jẹ ńkọ́? Yóò tàn mí jẹ nígbà mìíràn. Ṣùgbọ́n ẹ wọn ọ́n wò. Bí mo bá gba irọ́ gbọ́, ohun tí onírọ́ rí gbà ni àǹfààní láti jókòó ṣe ìdánwò tí ó le bí ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó rí ọjọ́ díẹ̀ sí i kà, kò rí ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí mo bá sì kọ òótọ́, F wọ inú ìwé, A kò sì lè pa á rẹ́. Àwọn yunifásítì kan ní Bìrìtéènì tilẹ̀ gbà kí akẹ́kọ̀ọ́ fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ pé nǹkan ṣe òun, láìmú ẹ̀rí wá, ṣùgbọ́n wọ́n fi òǹkà sí iye ìgbà tí ó lè ṣe bẹ́ẹ̀ láàárín ọdún kan. Ìyẹn ni pé wọ́n gba ọ̀rọ̀ ẹni gbọ́, wọ́n sì fi ìwọ̀n sí i. Ó dára lójú mi.

Mo gbìyànjú láti tún ti ọmọkùnrin yẹn ṣe. Mo kọ ìwé. Mo jẹ́wọ́ pé n kò béèrè. Wọ́n dá mi lóhùn pé Sẹ́néètì ti fọwọ́ sí èsì náà, pé akẹ́kọ̀ọ́ kò kọ nǹkankan sílẹ̀ ní àkókò, pé ilẹ̀ ti ṣú. N kò lè bínú sí wọn. Kò sí ìwé kankan tí ó fi hàn pé bàbá kan kú ní Ìṣẹ́yìn ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan. Ìlà pupa mi nìkan ni ó wà níbẹ̀.

Mo pè é, mo sọ fún un. Mo sì sọ ti ọmọbìnrin náà fún un pẹ̀lú, nítorí pé n kò fẹ́ kí ó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó wá ní, "Inú mi dùn pé ẹ fún òun, sà. Ìyá yẹn ló tọ́ ọ."

Ó ti di ọ̀gá ní ibi iṣẹ́ rẹ̀ báyìí, ó sì máa ń kí mi ní ọjọ́ Iléyá. Nígbàkigbà tí mo bá rí orúkọ rẹ̀ lórí fóònù, ìwé ìfọwọ́sí yẹn ni mo máa ń rí, àyè méjì tí ó ṣófo, àti bírò tí ó wà lọ́wọ́ mi.